Páásíwọ́ọ̀dù àgbà ti fò lọ, àmọ́ ìka ṣì ń ṣí áàpù

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bitwarden ni mo fi ń tọ́jú gbogbo páásíwọ́ọ̀dù mi. Ìka ni mo fi ń ṣí i lórí fóònù láti ọdún tó kọjá, n ò sì rántí páásíwọ́ọ̀dù àgbà mọ́. Láàpútọ́ọ̀pù mi ti ń béèrè rẹ̀ báyìí. Mo ti kọ oríṣiríṣi, kò gbà. Ṣé kí n yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù kí n tún un gbé síbẹ̀ ni, àbí ilé-iṣẹ́ náà lè fi tuntun ránṣẹ́ sí mi?" Oníbèéèrè láti Ìbàdàn

Ẹ má yọ áàpù yẹn kúrò o. Ẹ má tẹ "Log out", ẹ má wọ sẹ́tíńgì fóònù lọ pa dátà rẹ̀ rẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi ìka tirẹ̀ kún èyí tó ti wà lórí fóònù náà. Nínú Bitwarden, ọ̀tọ̀ ni kí áàpù wà ní títì, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ jáde kúrò nínú rẹ̀. Bó bá wà ní títì, ẹrù yín, ìyẹn gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ kó pamọ́ síbẹ̀, ṣì wà lórí fóònù, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i náà sì wà ní ìpamọ́ níbẹ̀, níbi tí ìka yín ti lè pè é jáde. Bí ẹ bá jáde, áàpù á kó gbogbo rẹ̀ dànù, páásíwọ́ọ̀dù àgbà ló sì máa béèrè nígbà tí ẹ bá fẹ́ padà wọlé. Ìka tuntun léwu nítorí pé bí fóònù bá ti rí i pé iye ìka ti yí padà, Bitwarden ò ní gba ìka kankan mọ́, títí ẹ ó fi kọ páásíwọ́ọ̀dù àgbà. Fún ẹni tó bá ń lo píìnì, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ló lè ṣì í kọ, lẹ́yìn náà áàpù á jáde fúnra rẹ̀. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wọ Settings, kí ẹ wọ Account security, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "timeout action" sí. "Lock" ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ "Log out" ni, ẹ yí i padà kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ yìí.

Ilé-iṣẹ́ náà ò lè fi tuntun ránṣẹ́ sí yín, kì í sì í ṣe agídí ni wọ́n ń ṣe. Páásíwọ́ọ̀dù yín kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́, ẹ̀rọ tó wà níwájú yín ló pò ó mọ́ ímeèlì yín, tó sì ń fi ìṣirò kan lọ̀ ọ́ ní àlọ̀túnlọ̀, ìgbà 600,000 fún ọ̀pọ̀ àkáǹtì tí wọ́n ṣí láti ọdún 2023, kó tó di kọ́kọ́rọ́. Ohun tó lọ sí sáfà wọn ni ẹrù tí kọ́kọ́rọ́ náà ti tì, àti àmì kan tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wọlé, èyí tí kò ṣeé tú padà di páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn ènìyàn ń fi í wé Facebook, níbi tí wọ́n ti ń tẹ "Forgot password" tí ọ̀nà sì ń là. Ní Facebook, ilé-iṣẹ́ náà ló ni ilẹ̀kùn, páásíwọ́ọ̀dù kàn ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí i fún yín ni. Níbi tí a wà yìí, inú páásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti ń jáde. Ó ń dun ènìyàn lójọ́ tó bá gbàgbé, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olè wọ ilé-iṣẹ́ LastPass, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti Bitwarden, lọ́dún 2022 tí wọ́n jí ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà kó, páásíwọ́ọ̀dù tí kò sí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà ni kò jẹ́ kí wọ́n kàn ṣí i kí wọ́n máa kà á. Àwọn kan tún máa ń sáré gbé kóòdù ìgbàpadà jáde, ìyẹn "recovery code" tí Bitwarden ní kí wọ́n kọ sílẹ̀. Kóòdù yẹn kò wúlò fún ọ̀ràn yìí. Ìgbésẹ̀ kejì tó máa ń tẹ̀ lé páásíwọ́ọ̀dù ló ń yọ kúrò, òun náà á sì kọ́kọ́ béèrè páásíwọ́ọ̀dù àgbà lọ́wọ́ yín kó tó ṣiṣẹ́.

Kí a tó gbà pé ẹ ti gbàgbé, ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé ẹ gbàgbé lóòótọ́. Láàpútọ́ọ̀pù lè má gba páásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà. Ìdí kan tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni pé Bitwarden ní ibùdó méjì, bitwarden.com àti bitwarden.eu, àkáǹtì tó wà ní ọ̀kan kò sì sí ní èkejì. Ojú ibi tí ẹ ti ń wọlé máa ń kọ èyí tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí láàpútọ́ọ̀pù yín bá wà ní .eu, tó jẹ́ pé .com lẹ ti forúkọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa sọ fún yín: pé ohun tí ẹ kọ kò tọ́. Ẹ wo èyí tí fóònù ń lò, kí ẹ mú ti láàpútọ́ọ̀pù bá a mu. Ẹ tún tẹ "Get password hint" níbi ìwọlé. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ ìránnilétí kankan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo inú buráúsà. Chrome àti Firefox máa ń bi ènìyàn bóyá kí àwọn bá a pa páásíwọ́ọ̀dù mọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìronú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ vault.bitwarden.com. Ní Firefox, ẹ kọ about:logins síbi àdírẹ́sì. Ní Chrome, ẹ kọ chrome://password-manager/passwords. Ohun tó yẹ kí n bínú sí ni, torí ibẹ̀ kọ́ ni ibùgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó yọ ènìyàn nínú ewu.

Èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an ni àmì ohùn. Oníbàárà mi kan, olùkọ́ ni, lo ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó ní àmì dáadáa, "ẹ̀kọ́" sì wà nínú wọn. Orí fóònù ló ti ṣí àkáǹtì. Nígbà tó dé orí láàpútọ́ọ̀pù, lẹ́tà kan náà ló ń kọ, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ló sì ń lò, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ti gbà pé ọpọlọ òun ló ń bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà lè gbà to ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, kí a wá fi àmì ohùn lé e. Ó lè jẹ́ è tó ti ní àmì ohùn, kí a wá fi ti ìsàlẹ̀ kún un. Ó sì lè jẹ́ e lásán tí a gbé àmì méjèèjì kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lọ́dọ̀ ìṣirò tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, lẹ́tà tó yàtọ̀ síra pátápátá ni wọ́n, kọ́kọ́rọ́ tó sì máa jáde kò ní jọra rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ṣe lè ṣí ojú àṣẹ, ìyẹn "terminal", lórí láàpútọ́ọ̀pù tó ní Python, kó kọ ìlà yìí, kó wá tẹ ẹ̀ nìkan síbẹ̀. Ẹ má kọ páásíwọ́ọ̀dù yín gan-an síbẹ̀ o.

```
python3 -c "print([hex(ord(c)) for c in input()])"
```

Ti olùkọ́ yẹn mú 0xe8 àti 0x323 jáde lórí láàpútọ́ọ̀pù, ìyẹn è àti àmì ìsàlẹ̀. Ti fóònù rẹ̀ jẹ́ 0x1eb9 àti 0x300, ìyẹn ẹ àti àmì ohùn. Ojútùú rẹ̀ kò le: kíbọ́ọ̀dù fóònù tó fi ṣí àkáǹtì ló fi kọ páásíwọ́ọ̀dù náà, ó sì wọlé. Bí ẹ bá lo àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀, ibi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ wá a nìyẹn. Bí ẹ kò bá lò wọ́n, ẹ wo lẹ́tà ńlá tí fóònù máa ń fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, àti àlàfo kékeré tó máa ń fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó bá bá yín parí. Ẹ tẹ àwòrán ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìkọ̀wé kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń kọ.

Ó dáa, ká ní gbogbo èyí kò ṣiṣẹ́. Ẹ ṣì lè wọlé lórí láàpútọ́ọ̀pù láìkọ páásíwọ́ọ̀dù àgbà. Ẹ lọ sí vault.bitwarden.com, ẹ kọ ímeèlì yín, kí ẹ wá yan "Log in with device". Ìbéèrè á dé orí fóònù. Ẹ fi ìka ṣí áàpù, ẹ rí i pé gbólóhùn ìdánimọ̀ tó wà lójú méjèèjì bára mu, kí ẹ tó gbà á. Ìbéèrè náà kì í pẹ́ kó tó kú, ìṣẹ́jú 15 ni, nítorí náà kí fóònù wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Buráúsà tí ẹ bá ti fi wọlé rí ló ń rí àǹfààní yìí lò, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ nu kúkì rẹ̀ nù. Bí ẹ bá ní ìgbésẹ̀ kejì lórí àkáǹtì náà, wọ́n ṣì máa béèrè rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ pọ̀ jù tí ẹ bá ti wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń yí páásíwọ́ọ̀dù àgbà padà á béèrè ti àtijọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo ẹrù jáde sínú fáìlì kan, ó ṣeé ṣe kó tún béèrè rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wà nínú ilé, àmọ́ ẹ ò lè yí àgádágodo padà. Ohun tó kù ni kí ẹ kó ẹrù lọ sí àkáǹtì mìíràn, ọ̀nà méjì ló sì wà láti ṣe é.

Èyí tó ṣe tààrà ni kí ẹ máa dà á kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó ní ogójì tàbí àádọ́ta nǹkan, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ímeèlì mìíràn ṣí àkáǹtì tuntun, kí ẹ fún un ní páásíwọ́ọ̀dù àgbà tí ẹ ó kọ sórí ìwé lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú àkáǹtì àtijọ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù, kí ẹ dá ẹgbẹ́ ọ̀fẹ́ kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "organization". Ènìyàn méjì ni wọ́n gbà nínú ẹgbẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì tó wa. Ẹ pe àkáǹtì tuntun wọlé gẹ́gẹ́ bí "Owner", ẹ fi àkáǹtì tuntun gbà á, kí ẹ padà wá fọwọ́ sí i láti inú ti àtijọ́. Ẹ wá máa sàmì sí ẹrù yín lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi "Assign to collections" kó wọn sínú ẹgbẹ́ náà. Bí ẹrù ti ń wọnú ẹgbẹ́, kọ́kọ́rọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fi tì í, àkáǹtì tuntun yín sì ti ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, àkáǹtì tuntun lè kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì JSON, torí páásíwọ́ọ̀dù àgbà tirẹ̀ ló máa béèrè, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Fáìlì JSON tí kò ní títì á fi gbogbo páásíwọ́ọ̀dù yín hàn gedegbe, nítorí náà gbàrà tí ẹ bá ti gbé e wọlé tán ni kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì rántí ibi tí àwọn fáìlì tí a pa rẹ́ máa ń lọ sùn lórí láàpútọ́ọ̀pù.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju dídàkọ lọ ni "passkey", ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí àwọn ibùdó kan ń fún yín dípò páásíwọ́ọ̀dù. Kò sí lẹ́tà tí ẹ lè fi ojú kà níbẹ̀ kí ẹ wá dà á kọ. Bó bá bá ẹrù lọ sínú ẹgbẹ́, ó gbé ara rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ dàkọ gbọ́dọ̀ wọ ibùdó kọ̀ọ̀kan lọ ṣe tuntun. Kóòdù onídíjíìtì 6 tó ń yí padà náà gba ìṣọ́ra: kì í ṣe díjíìtì tí ẹ ń rí lẹ ó dàkọ, gbólóhùn gígùn tó wà níbi "Authenticator key" ni, ẹ ó sì rí i bí ẹ bá tẹ "Edit". Ohun kan wà tí n ò lè bá yín ṣe. Bí ẹ bá ti fi ààmì "Master password re-prompt" sórí ẹrù kan nígbà kan rí, ó ṣeé ṣe kó má ṣí fún yín láìkọ páásíwọ́ọ̀dù àgbà bó ti wù kí ẹ ti wọlé tó. Bí kò bá ṣí, ibùdó tó ni ín lẹ ó lọ tún páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn tó ń ka èyí kò ní fóònù tó ṣì ṣí lọ́wọ́ bíi tiyín. Ti wọn le jù. Bí wọ́n bá ti yan ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí olùgbàlà pàjáwìrì, ìyẹn "Emergency access", kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ẹni náà lè béèrè ìwọlé. Bí ẹni tó ni àkáǹtì kò bá kọ̀, ọ̀nà á là fún un lẹ́yìn iye ọjọ́ tí wọ́n jọ fi sí i, ó sì lè fi páásíwọ́ọ̀dù àgbà tuntun sí i tó bá jẹ́ "Takeover" ni wọ́n fún un. Bí "View" bá ni, á kàn lè ka ohun tó wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó ń lo Bitwarden ti ibi iṣẹ́ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó o níbẹ̀, torí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ṣètò ìgbàpadà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Áàpù mìíràn tún wà tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù: àwọn tó ń lo 1Password pẹ̀lú ẹbí lè rí ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣètò ẹbí náà. Ní ti KeePassXC, fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ẹ ó kọ̀wé sí.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá kọ̀ǹpútà kò lè fi agbára dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó dá lórí ohun tí ẹ ṣì rántí, ẹ̀dà àpótí títì náà sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ yín, torí sáfà wọn kò ní jẹ́ kí ẹ máa dán an wò láìdúró. Ká ní ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ 4 ṣe páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, tó ṣà wọ́n láti inú àkójọ Diceware tó ní ọ̀rọ̀ 7,776, ká sì ní ẹ̀rọ wa ń dán 1,000 wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá rántí ọ̀rọ̀ 3 àti ipò wọn, ìṣẹ́jú àáyá 8 ti tó. Bó bá rántí 2 péré, iye tí a ó dán wò á fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 60, ó sì máa gbà tó wákàtí 17. Bí kò bá rántí ẹyọ kan, ó ju 100,000 ọdún lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá bá yín lórí Wáásáàpù pé òun ní irinṣẹ́ tó ń ṣí Bitwarden láìmọ nǹkan kan nípa páásíwọ́ọ̀dù, owó yín ló ń wá. Kẹ́ ẹ tilẹ̀ má dá a lóhùn.

Nígbà tí ohun gbogbo bá ti wọnú àkáǹtì tuntun, tàbí nígbà tí kò bá sí ohun tó ṣeé kó mọ́, ẹ lè pa ti àtijọ́ rẹ́ ní vault.bitwarden.com/#/recover-delete. Ímeèlì nìkan ló máa béèrè. Wọ́n á fi ìjápọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀yin náà á tẹ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn. Kò sí àjíǹde fún ohun tó bá lọ níbẹ̀, nítorí náà n kì í jẹ́ kí oníbàárà mi ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Ẹ lo àkáǹtì tuntun fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ rí i pé ímeèlì ń ṣí, báńkì ń ṣí, kóòdù ń bọ̀. Ẹni tó ń tún gbogbo nǹkan ṣe láti òfìfo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì, torí ibẹ̀ ni ìjápọ̀ àtúnṣe ìyókù ń bọ̀ sí. Kó ṣe é lórí fóònù tó ti máa ń lò àti nílé tó máa ń wà, nítorí Google máa ń wo ẹ̀rọ àti ibi tí wọ́n bá mọ̀. Kó tó fọwọ́ kan ìkankan, kó rí i pé síìmù tó wà lórí àwọn àkáǹtì náà ṣì wà lọ́wọ́ òun. Síìmù tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́ lè ti di ti ẹlòmíràn, ẹni náà ni kóòdù á sì máa bá.

Lórí àkáǹtì tuntun, ẹ ṣètò olùgbàlà pàjáwìrì. Ẹ̀yin lẹ nílò ìpele tí wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tí ẹ yàn lè wà lórí ti ọ̀fẹ́. Ọjọ́ 7 ni mo máa ń fi sí i: ó gùn tó láti rí ìkìlọ̀ nínú ímeèlì bí ẹni náà bá fẹ́ wọlé láìsọ fún yín, kò sì gùn jù fún ẹni tó ń dúró. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ ó pè é, òun á gbà, lẹ́yìn náà ẹ̀yin gbọ́dọ̀ padà wọlé lọ tẹ "Confirm", torí ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ yín sábẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá rí "Needs confirmation" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kò tíì lè ràn yín lọ́wọ́.